Oòrùn agogo mẹ́fà ní lọ́bì Àlàájà

Nínú àwòrán lọ́bì hòtẹ́ẹ̀lì tí mo fi ẹ̀rọ ayàwòrán ṣe, ẹ̀kẹta ló kó mi sí wàhálà. Mo ti fi àkọ́kọ́ àti èkejì hàn, àwọn àgbà mẹ́ta tí Àlàájà fẹ́ kí wọ́n dá owó sí hòtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sì ti ń mi orí pé ó dáa. Bí ẹ̀kẹta ṣe hàn lójú ògiri báyìí, èyí tó jókòó lápá ọ̀tún yọ awò ojú rẹ̀, ó fi etí agbádá nù ún, ó tún gbé e wọ̀. Ẹnjiníà ni bàbá náà, ó ti fẹ̀yìn tì. Ó ní, "Ọmọ mi, oòrùn wo nìyẹn?"

Mo ní, "Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ni, sà."

"Ìrọ̀lẹ́ ibo? Ara ògiri ẹ̀yìn ni ìtànṣán ti ń wọlé níbí yìí. Ilé ìdáná ló wà lẹ́yìn ògiri yẹn. Ṣé inú ilé ìdáná ni oòrùn ń gbà kọjá ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òógùn ti bò mí. Kí n tó rí nǹkan sọ, ó tún béèrè òmíràn. Ó ní òpó mẹ́fà lòun kà nínú àwòrán àkọ́kọ́, mẹ́rin nínú èkejì, ẹ̀kẹta kò sì ní ẹyọ kan. "Kí ló wá gbé òkè dúró?"

Àlàájà wò mí. Mi ò ní èsì. Ìpàdé ọjọ́ náà tú ká pẹ̀lú "a ó máa retí yín", gbogbo wa la sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan ni ilé náà, ní Abẹ́òkúta, lórí ibi tí ilẹ̀ ti ga díẹ̀. Àlàájà rà á lọ́wọ́ mọ̀lẹ́bí kan, ó fẹ́ sọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ di lọ́bì, kí òkè jẹ́ yàrá àlejò. Láti ẹnu ọ̀nà dé ògiri ẹ̀yìn jẹ́ mítà 11. Òpó kọnkéré mẹ́rin ló wà láàárín, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, wọn ò sì ṣeé yọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan wà níwájú tó jìn tó mítà 2.4, ojú ilé sì kọ sí ìwọ̀-oòrùn gan-an. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Àṣìṣe mi bẹ̀rẹ̀ láti inú ọ̀rọ̀ tí mo kọ fún ẹ̀rọ ayàwòrán, irú èyí tó ń sọ ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ di àwòrán. Midjourney ni mo lò nígbà náà, ohun tí mo sì tẹ̀ sínú rẹ̀ nìyí:

```
luxury African hotel lobby, golden hour, warm and
welcoming, high-end materials, cinematic --ar 16:9
```

Ó dà bí ọ̀rọ̀ gidi lójú ẹni tí kò tíì jìyà rẹ̀. Mo rí i lẹ́yìn náà pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sọ nǹkan kan nípa ilé Àlàájà. Ọ̀rọ̀ `African` gbé òrùlé koríko wá, pẹ̀lú awọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà nílẹ̀, ère tí mi ò mọ ìlú tó ti wá lára ògiri, àti pápá gbalasa níta fèrèsé bí ibi tí àwọn òyìnbó ti ń wo kìnnìún. Èmi kò rí kìnnìún rí ní Abẹ́òkúta. Ọ̀rọ̀ `luxury` gbé máàbù funfun wá, àti fìtílà gíláàsì ńlá tó fi wúrà ṣe ọ̀ṣọ́ tó rọ̀ láti àjà. `Cinematic` fi èéfín sínú afẹ́fẹ́ kí ìtànṣán lè hàn bí ọ̀pá, ó sì ṣú igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàrá. Ní ti `warm and welcoming`, ìyẹn kò ṣe nǹkan kan tí ojú lè rí.

Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n dá ọ̀rọ̀ náà nù. Ohun tí mo ṣe ni pé mo ń tẹ bọ́tìnnì náà ṣáá, bí ogójì ìgbà, títí mo fi rí mẹ́ta tí kò ní koríko tí kò sì ní awọ ẹran. Ẹwà ni mo fi yàn wọ́n. Yàrá mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, mo sì kó wọn fún àwọn tó fẹ́ náwó bíi pé ilé kan náà ni.

`Golden hour` ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀, torí ó tan èmi fúnra mi jẹ. Ẹ̀rọ yẹn kò mọ ìlà-oòrùn yàtọ̀ sí ìwọ̀-oòrùn. Fọ́tò ló fi kẹ́kọ̀ọ́, nínú fọ́tò tí àwọn ènìyàn bá sì pe orúkọ yẹn mọ́, ìmọ́lẹ̀ máa ń pọ́n bí oyin, ó máa ń wá láti ẹ̀gbẹ́ tàbí láti ẹ̀yìn, níbi tó bá ti dára jù fún àwòrán. Nítorí náà, ó fi oòrùn síbi tó wù ú. Bí ògiri bá dí ọ̀nà, ó lu fèrèsé sí ògiri. Bí òpó bá dí ọ̀nà, ó yọ òpó. Ìdí nìyẹn tí òkè fi wà láìsí ohun tó gbé e dúró.

Nígbà tí inú mi rọ̀, mo padà lọ sí ilé náà pẹ̀lú téèpù àti kọ́ńpáàsì inú fóònù. Ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ bá mi di etí téèpù mú. Iwájú ilé kọ sí ìwọ̀-oòrùn lóòótọ́. Gíláàsì tí Àlàájà fẹ́ fi síwájú yóò ga ní mítà 3, àjà ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ga bákan náà. Káńtà ìgbàlejò yóò wà ní mítà 9 sí gíláàsì. Níta, ilẹ̀ dà lọ sísàlẹ̀ ní ìhà kejì òpópónà, tó fi jẹ́ pé òrùlé àwọn ilé ibẹ̀ kò ga tó ilẹ̀ lọ́bì wa. Páànù tó ti dípẹtà ni gbogbo wọn, pupa rẹ́súrẹ́sú, bí ẹ ṣe ń rí i bí ẹ bá dúró lókè Olúmọ. Igi máńgòrò kan wà lápá òsì.

Lẹ́yìn náà ni mo jókòó ṣe ìṣirò tó yẹ kó ṣáájú. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, oòrùn kì í fi ẹ̀gbẹ́ rìn lọ wọ̀ bíi ti ìlú òyìnbó. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé tààrà ló ń já lulẹ̀, nǹkan bíi dígírì 15 ní wákàtí kan. Tó bá di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ́dọ̀ wọn, ìmọ́lẹ̀ oyin yẹn lè dúró ju wákàtí kan lọ. Tiwa kò ju ìwọ̀nba ìṣẹ́jú lọ, nígbà tí oòrùn bá sì ti wọ̀, kò tó ìdajì wákàtí tí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ìyẹn ni pé kò tó kéèyàn sọ pé "ìrọ̀lẹ́" fún ẹ̀rọ. Agogo mélòó, oṣù wo, ibo nínú yàrá?

Mo mú oṣù kẹta ọdún, nígbà tí oòrùn ń wọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn gan-an, tí ó sì kù díẹ̀ kó di agogo 7 kó tó wọ̀. Ní agogo 4, oòrùn ṣì ga tó dígírì 43, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń dí i, ìtànṣán tó wọ inú lọ́bì kò tó mítà kan. Ní agogo 5, ó ti di dígírì 28, ìmọ́lẹ̀ ti wọlé tó mítà 3.2. Ní agogo 6, ó ku dígírì 13 àti díẹ̀. Ẹ wo bí mo ṣe rí i:

```
3.0 / tan(13.4°) - 2.4 = 10.2
```

Mítà 3 ni gíga àjà ọ̀dẹ̀dẹ̀, 2.4 ni jíjìn rẹ̀, 10.2 sì ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ ì bá dé lórí ilẹ̀ bí kò bá pàdé káńtà. Níwọ̀n ìgbà tí káńtà wà ní mítà 9, ìmọ́lẹ̀ náà yóò fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan, bí ìwọ̀n ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà láti ilẹ̀. Tó bá wá di agogo 6 kọjá ogún ìṣẹ́jú, oòrùn ti já sí dígírì 8, ìmọ́lẹ̀ náà yóò gun ojú káńtà dé orí, yóò sì kọjá rẹ̀. Àárín ogún ìṣẹ́jú yẹn ni lọ́bì náà ní ohun tí mo ń wá. Títí di ìgbà tó kù díẹ̀ kí agogo 6 lù, ẹsẹ̀ káńtà kò tíì rí oòrùn. Nígbà tí oòrùn bá sì wọ̀, fìtílà ni.

Bí ìṣirò bá sú yín, SketchUp, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya ilé, lè ṣe é. Ẹ ó ya yàrá náà bó ṣe wà, ẹ ó fi ìlú, ọjọ́ àti wákàtí sí i, ẹ ó tan òjìji, ẹ ó sì rí ibi tí oòrùn bọ́ sí. Èmi ṣe méjèèjì, torí mo mọ̀ pé ẹnjiníà yẹn yóò tún béèrè.

Ìṣirò yìí já irọ́ òwúrọ̀ náà. Àlàájà ti sọ fún mi pé òun fẹ́ àwòrán kan tí oòrùn àárọ̀ ti ń tàn yòò nínú lọ́bì. Mo pè é, mo ní, "Ẹ má bínú mà, oòrùn àárọ̀ kò ní wọ lọ́bì yín láéláé. Ẹ̀yìn ilé ló ń bá yọ." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ìyẹn ni pé yóò tutù láàárọ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ní, "Kí lò ń bẹ̀ mí sí nígbà náà?" Bí àwòrán àárọ̀ ṣe di àwòrán ibòji nìyẹn: ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi nù, ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run tó ń wọlé jẹ́jẹ́ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sí ìtànṣán kankan. Láàrin ara wa, òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn.

Fún àwòrán tuntun, mo fi Midjourney sílẹ̀, mo lọ sí Stable Diffusion, ẹ̀rọ ayàwòrán mìíràn, pẹ̀lú ControlNet, àfikún rẹ̀ tó ń jẹ́ kí àwòrán tí a fún un máa darí èyí tó ń yà. Kì í ṣe pé èkínní burú. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni mo fi ń darí rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu kò sì lè so òpó mẹ́rin mọ́ ibi tí wọ́n wà. Àwòrán méjì ni mo yọ láti inú SketchUp. Ọ̀kan jẹ́ àwòrán jíjìn, tó fi funfun hàn níbi tó sún mọ́ni, tó sì ń dúdú bó ṣe ń jìn lọ. Òun ni mo fún ControlNet, òun ló sì de òpó, àjà àti káńtà mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìmọ́lẹ̀ nínú àwòrán jíjìn, ìyẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí. Bí ẹ bá fún un ní èyí nìkan, yàrá yóò tọ̀nà, oòrùn yóò tún máa rìn kiri. Nítorí náà ni mo ṣe fi èkejì, tó ní òjìji agogo 6:20 lára, ṣe àwòrán ìbẹ̀rẹ̀.

Nǹkan kan ṣoṣo ló kù láti wọ̀n níbẹ̀, òun ni `Denoising strength`, ìyẹn bí ẹ̀rọ ṣe ní òmìnira tó láti yí àwòrán ìbẹ̀rẹ̀ padà. Mo kọ́kọ́ fi sí `0.75`. Yàrá náà lẹ́wà, àmọ́ àbàwọ́n oòrùn lórí ilẹ̀ ti ṣí kúrò níbi tí mo fi í sí. Mo gbé e wá sí `0.3`, oòrùn jókòó síbi tó yẹ, ṣùgbọ́n àga àti ògiri rí bíi pátákó tí wọn ò tíì kùn. `0.5` ni mo dúró sí. Ọ̀nà tí mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò rọrùn: mo gbé àwòrán tuntun lé èyí tí SketchUp yọ lórí, mo jẹ́ kí èyí tó wà lókè hàn ní ìdajì, mo sì ń wo etí òjìji. Bí wọ́n bá ti yà ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ lójú kọ̀ǹpútà, mo dá a nù.

Ó tún ku bí a ṣe ń sọ oòrùn fún un. Má wulẹ̀ kọ "west". Ibi tí kámẹ́rà wà ni kí o fi sọ ọ́. Níbi tí mo kọ́kọ́ dúró, ẹnu ọ̀nà, ẹ̀yìn mi gan-an ni oòrùn wà, ojú gbogbo nǹkan sì pẹlẹbẹ bíi fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Mo gbé kámẹ́rà lọ sí igun gúúsù lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì, mo kọjú rẹ̀ sí káńtà ní ìdágẹ̀ẹ́rẹ́, kí oòrùn lè máa bọ̀ láti òsì. Ìlà ìmọ́lẹ̀ wá di báyìí:

```
very low sun from the left, slightly behind the camera,
patches on the floor broken by breeze blocks,
lamps not yet on
```

Búlọ́ọ̀kù oníhò tó wà níbẹ̀ yẹn, ẹnjiníà ló fà á. Gíláàsì mítà 3 tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ní agogo 5 ìrọ̀lẹ́, yóò sun àlejò tó jókòó lẹ́bàá rẹ̀ ni, ẹ̀rọ amúlétutù yóò sì máa jẹ dísẹ́ẹ̀lì. Mo tò búlọ́ọ̀kù oníhò sí etí ọ̀dẹ̀dẹ̀, irú èyí tó wà lára àwọn ilé ìwé àti ilé ìjọba tí wọ́n kọ́ láyé ọdún 1960. Atẹ́gùn ń gba ibẹ̀, oòrùn sì ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ kó tó wọlé. Wọ́n tún fún àwòrán náà ní iṣẹ́ ọwọ́ lórí ilẹ̀ láìná kọ́bọ̀. Ojú ihò gbọ́dọ̀ wà nínú SketchUp o. Nígbà tí mo fi ọ̀rọ̀ nìkan sọ ọ́, ihò onígun mẹ́rin lára ògiri ń ta òjìji róbótó sílẹ̀.

Ohun èlò ló tún gba àkókò mi. Ẹ̀rọ náà kò mọ orúkọ nǹkan wa. Mo kọ `adire`, aṣọ tó gbé wá jọ àǹkárá aláwọ̀ mẹ́fà lọ́jọ́ kan, lọ́jọ́ kejì ó jọ aláró tí àwọn ará Japan máa ń dì. Ní Abẹ́òkúta! Mo kọ `amu`, ìkòkò ọlọ́wọ́ méjì bíi ti àwọn ará Gíríìkì ló jókòó síbẹ̀. Ìyẹn ló kọ́ mi pé kí n gbàgbé orúkọ, kí n máa sọ ohun tí ojú ń rí: àwọ̀, bí ara rẹ̀ ṣe rí, bí ó ṣe ń dán tó, àti ibi tó wà gan-an. Ohun tí mo lò ní ìparí nìyí:

```
floor: dark green terrazzo, small cream chips, satin
desk front: rust-red laterite blocks, pitted, pale lime joints
desk top: golden-brown iroko, oiled, not glossy
back wall: indigo cotton, painted squares, uneven blue
by the door: round black clay pot, wide mouth, enamel cup on lid
```

Ẹ wo ìlà kejì. Yangí ni. Nígbà tí mo kọ `laterite` nìkan, bíríkì tí a sun ni mo rí, tó dọ́gba bí eyín èwe. `Pitted` ló dá ihò wẹ́wẹ́ tí gbogbo wa mọ̀ lára yangí padà. Oòrùn tó ń bọ̀ nídàágẹ̀ẹ́rẹ́ sì jẹ́ kí ihò kọ̀ọ̀kan ní òjìji tirẹ̀, èéfín àti àwọ̀ wúrà kò lè ṣe ìyẹn. Bí àwòrán náà bá jẹ́ ti ọ̀sán gangan, ǹ bá gbé yangí kúrò, torí yóò kàn rí bí ògiri tí wọn ò rẹ́. Ohun èlò àti wákàtí ọjọ́ jọ ń rìn ni, mi ò sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Tẹ̀rásò tó ń dán jù yóò da oòrùn agogo 6 padà sójú ẹni tó ń wò ó, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ `satin`. Ìrókò náà, bí mi ò bá kọ `not glossy`, ó ń di tábìlì ọ́fíìsì ìjọba.

Ohun tí a kò fẹ́, mi ò kọ ọ́ sínú ọ̀rọ̀ àṣẹ. Bí o bá kọ "no chandelier" síbẹ̀, àfàìmọ̀ kí fìtílà yẹn má yọjú, torí ẹ̀rọ ti gbọ́ orúkọ rẹ̀. Àyè tirẹ̀ wà lọ́tọ̀, tí wọ́n ń pè ní `Negative prompt`. Ibẹ̀ ni mo kó `chandelier, animal skin, thatch, text, signage` sí. Méjì tó kẹ́yìn wà fún orúkọ hòtẹ́ẹ̀lì. Lẹ́tà tí ẹ̀rọ ń kọ sára ògiri dà bí ohun tí ọmọdé tí kò tíì wọ ilé ìwé fi èédú kọ. Ọwọ́ ni mo fi tẹ orúkọ Àlàájà síbẹ̀ lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti parí.

Ó wá ku bí yàrá náà ṣe máa rí lọ́kàn ẹni tó bá wọ ibẹ̀. Mo bi Àlàájà pé kí ló fẹ́ kí àlejò mọ̀ lára. Kò sọ "warm", kò sọ "welcoming". Ó ní, "Bí ìgbà téèyàn ti Èkó dé ilé ìyá rẹ̀, tí wọn ò tíì bi í ní nǹkan kan, tí wọ́n ti bu omi fún un." Ẹ ò lè tẹ ìyẹn sínú ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ẹ lè fi àmù sí ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú ife táńganran lórí ìdérí rẹ̀. Ẹ lè gbé àga onírattan kan síbi tí oòrùn ò dé, kí ọkùnrin kan sùn lọ nínú rẹ̀, kó ti bọ́ bàtà, kí báàgì rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo jẹ́ kí ó jìn, kó kéré, torí bí ènìyàn bá ti sún mọ́ kámẹ́rà, ìka ọwọ́ rẹ̀ lè di mẹ́fà, ìka ni gbogbo ìpàdé yóò sì máa wò. Níta gíláàsì, mo fi òrùlé páànù dídípẹtà síbẹ̀ bó ṣe wà. Nínú àwòrán tí mo kọ́kọ́ ṣe, òkun ló wà níbẹ̀.

Àwòrán mẹ́ta tuntun náà, ti àárọ̀, ti ìrọ̀lẹ́ àti ti alẹ́, jáde láti inú yàrá kan ṣoṣo: kámẹ́rà kan, àwòrán jíjìn kan, `Seed` kan náà, ìyẹn nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi ń bẹ̀rẹ̀ àwòrán, ìlà ohun èlò kan náà. Ìlà ìmọ́lẹ̀ àti àwòrán òjìji nìkan ni mo ń pààrọ̀. Ti alẹ́ kò le. Mo kọ pé kí fìtílà kéékèèké wà nísàlẹ̀, kí àjà ṣókùnkùn, kí ìta fèrèsé ní àwọ̀ aró. Mo ronú láti fi ti ìgbà ọyẹ́ kún un, torí oṣù Kejìlá ni àwọn èèyàn máa ń darí wálé jù, ṣùgbọ́n oòrùn ìgbà yẹn ràn bí òṣùpá, kò ní òjìji tó lágbára, yangí mi ò ní rí nǹkan jẹ. Mo fi í sílẹ̀.

Mo kọ ọ̀rọ̀ kékeré sí ìsàlẹ̀ síléédì kọ̀ọ̀kan: agogo, oṣù, ibi tí kámẹ́rà kọjú sí, àti pé àwòrán èrò ni, kì í ṣe ohun tí a ti fi owó wọ̀n. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì. Pátákó ìrókò orí káńtà rí bí ẹyọ kan nínú àwòrán, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìsí oríkèé. Ẹni tó bá lọ sọ́dọ̀ oníṣòwò pákó fún irú rẹ̀ yóò padà wálé pẹ̀lú pákó mẹ́ta tí wọ́n so pọ̀. Yangí náà, bí wọn ò bá fi nǹkan kùn ún, yóò máa ta eruku sára aṣọ funfun ẹni tó bá fara tì í. Àwòrán kò lè sọ ìyẹn, nítorí náà mo sọ ọ́ lẹ́nu.

Ní ìpàdé kejì, ẹnjiníà kò tiẹ̀ wo ẹwà rẹ̀. Ó na ìka, ó ka òpó lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin nínú àkọ́kọ́, mẹ́rin nínú èkejì, mẹ́rin nínú ẹ̀kẹta. Ó ní kí n padà sí ti ìrọ̀lẹ́. Ó wò ó pẹ́.

"Agogo mélòó nìyí?"

"Mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú, sà. Oṣù kẹta."

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé ó máa dé orí káńtà?"

Mo ṣí ojú ìwé ìṣirò. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó yọ bírò, ó tún un ṣe fúnra rẹ̀ níbẹ̀, gbogbo wa sì jókòó tì í. Nígbà tó parí, ó da ìwé náà padà, ó ní kí Àlàájà máa bá ọ̀rọ̀ owó lọ.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ó pè mí nírọ̀lẹ́. Ó ti wà nínú ilé náà, ó gbé àpótí kan síbi tí káńtà yóò wà, ó jókòó lé e láti agogo márùn-ún ààbọ̀. Ó ní oòrùn dé, ó dé ibi tí mo sọ pé ó máa dé. Ó ní, "Ṣùgbọ́n ìdajì káńtà rẹ ló wà nínú òjìji máńgòrò. O ò ya máńgòrò." Òótọ́ ni. Mo fi igi náà síta fèrèsé nínú ọ̀rọ̀ àṣẹ, mi ò fi í sínú SketchUp, kò sì ní òjìji.

Mo pe Àlàájà, mo bi í bóyá wọ́n máa gé igi náà. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan máńgòrò òun. Mo ṣí SketchUp, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ẹ̀ka.